Wíwá àyè iṣẹ́ tí a kò polówó

Wíwá àyè iṣẹ́ tí a kò polówó jẹ́ ọ̀nà ìwáṣẹ́ kan tí ẹni tó ń wá iṣẹ́ fi ń ṣàkíyèsí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbòòrò sí i, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí owó ìdókòwò gbà, àti àwọn tó kéde pé àwọn fẹ́ ṣí ọ́fíìsì tuntun, kí ó lè kọ̀wé sí wọn kí ìpolówó iṣẹ́ tó jáde. Ohun tí ọ̀nà yìí dúró lé lórí ni pé ìròyìn nípa owó tàbí nípa ọ́fíìsì sábà máa ń ṣáájú ìpolówó iṣẹ́. Àmọ́ ìròyìn owó kò túmọ̀ sí ìròyìn iṣẹ́ nígbà gbogbo. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń bi ìròyìn léèrè ohun tí owó náà yóò rà, ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ nílò, àti ìgbà tí wọn yóò nílò rẹ̀.

## Ìdí tí àyè iṣẹ́ fi máa ń wà kí ìpolówó tó jáde

Àyè iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá kà nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Olórí ẹ̀ka kan ni yóò kọ́kọ́ rí i pé iṣẹ́ ti pọ̀ ju ọwọ́ tí òun ní lọ. Yóò sọ ọ́ fún àwọn aláṣẹ, àwọn aláṣẹ yóò wo àpò owó, wọn yóò sì fọwọ́ sí i pé kí ó gba ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wo inú ilé bóyá òṣìṣẹ́ kan wà tí wọ́n lè gbé lọ síbẹ̀. Bí kò bá sí, wọn yóò bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè bóyá wọ́n mọ ẹnì kan tó kúnjú ìwọ̀n. Nígbà tí gbogbo èyí kò bá mú èso jáde ni ìpolówó tó ń jáde. Láàárín ọjọ́ tí olórí ẹ̀ka rí àìní àti ọjọ́ tí ìpolówó jáde, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lè ti kọjá. Àlàfo yìí ni ẹni tó ń lo ọ̀nà yìí ń wá.

Ìwádìí kan tó lókìkí ràn wá lọ́wọ́ láti mọ bí àlàfo náà ti fẹ̀ tó. Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé rẹ̀ *Getting a Job* jáde ní ọdún 1974. Ó fọ̀rọ̀ wá àwọn ọkùnrin lẹ́nu wò ní ìlú Newton, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé, iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ alábòójútó. Nínú gbogbo ẹni 100, bí 56 ló rí iṣẹ́ wọn nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀. Bí 19 rí i nípasẹ̀ ìpolówó àti àwọn aṣojú ìgbanisíṣẹ́. Bí 19 mìíràn rí i nítorí pé wọ́n kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tààrà, láìjẹ́ pé ẹnì kan ló sọ fún wọn pé àyè wà. Iye tí ó kẹ́yìn yìí ló kan ọ̀rọ̀ wa jù lọ. Ó fi hàn pé, láàárín àwọn ènìyàn tó ṣe ìwádìí lórí wọn, kíkọ̀wé tààrà mú èso wá bákan náà pẹ̀lú ìpolówó. Ẹni tí kò ní ojúlùmọ̀ nínú ilé iṣẹ́ kò tíì pàdánù ohun gbogbo. Ohun tó kù fún un ni láti mọ ilé iṣẹ́ tí yóò kọ̀wé sí àti ìgbà tí yóò kọ ọ́.

## Ìròyìn owó tuntun

Kì í ṣe gbogbo owó tí a bá gbọ́ pé ó wọ ilé iṣẹ́ ló ń wọlé láti gba òṣìṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí òǹkàwé gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ ni owó tó wọ inú àpò ilé iṣẹ́ àti owó tó kàn ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn.

Àpẹẹrẹ méjì láti Èkó mú ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà kéde pé òun ti ra Paystack, ilé iṣẹ́ ìsanwó orí ayélujára tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn oníròyìn sọ pé owó náà lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Nínú irú ìrajà báyìí, àwọn tó ni ìpín nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n rà ni owó náà ń lọ bá. Ó lè mú kí ilé iṣẹ́ náà gbòòrò lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n iye owó ìrajà kò sọ fún wa iye òṣìṣẹ́ tí wọn yóò gbà. Ní oṣù kejì ọdún 2022 ẹ̀wẹ̀, Flutterwave kéde pé àwọn olùdókòwò ti fún òun ní 250 mílíọ̀nù dọ́là. Owó ìdókòwò báyìí ni wọ́n sábà máa ń fi ṣiṣẹ́: láti wọ orílẹ̀-èdè tuntun, láti ṣe ọjà tuntun, tàbí láti ra ilé iṣẹ́ mìíràn. Nínú ìkéde irú owó bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan sábà máa ń wà tó sọ ohun tí wọn yóò fi owó náà ṣe. Gbólóhùn yẹn ló yẹ kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ kà lẹ́ẹ̀mejì ju iye owó tó wà nínú àkọlé lọ. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ wọ orílẹ̀-èdè tuntun, ẹni tó mọ òfin owó ibẹ̀ àti ẹni tó lè bá àwọn báńkì ibẹ̀ ṣe àdéhùn ni wọn yóò kọ́kọ́ wá. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ṣe ọjà tuntun, àwọn ẹnjiníà ni yóò ṣáájú, àwọn olùtajà yóò sì tẹ̀ lé wọn.

Àkókò náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tuntun sábà máa ń gba owó tí yóò gbé wọn fún nǹkan bí oṣù 18 sí 24. Nítorí náà, inú oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìkéde ni wọ́n máa ń gba ènìyàn jù, nítorí pé wọ́n ní láti fi èrè iṣẹ́ hàn kí wọ́n tó tún padà tọ àwọn olówó lọ. Ẹni tó bá ka ìròyìn ìdókòwò tó ti pé ọdún kan àbọ̀ ń ka ìròyìn ilé iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ti ń lọ sópin.

Fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà lórí Ọjà Ìpín-ìdókòwò Nàìjíríà, ìwé kan wà tó ṣe é gbára lé ju ìròyìn lọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ó ní láti gbé ìwé ìfilọni jáde, nínú èyí tí yóò ti ṣàlàyé ohun tí yóò fi owó náà ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn báńkì fi kún owó ìdúró wọn: 500 bílíọ̀nù náírà fún báńkì tó ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ dé òkè òkun, 200 bílíọ̀nù fún báńkì tó ń ṣiṣẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ó fún wọn títí di òpin oṣù kẹta ọdún 2026. Lẹ́yìn àṣẹ náà ni ọ̀pọ̀ báńkì gbé ìwé ìfilọni jáde. Ẹni tó ka àkọlé nìkan yóò rò pé gbogbo owó náà yóò di iṣẹ́. Ẹni tó ṣí ìwé náà dé ojú ewé tó sọ ìlò owó yóò rí i pé òfin ló bí ìgbówójọ náà, yóò sì mọ bóyá báńkì kan ní i lọ́kàn láti ra ẹ̀rọ, láti ṣí ẹ̀ka, tàbí láti yá àwọn oníṣòwò lówó. Ohun mẹ́ta wọ̀nyí kò bí irú òṣìṣẹ́ kan náà.

## Ìròyìn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ máa ń fi àmì tirẹ̀ hàn ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere. Wọ́n ṣe é kí ó lè fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ṣùgbọ́n ọdún 2024 ni díṣù àti epo bẹntiróòlù rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kí ó tó di pé ẹ̀rọ kankan ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ti kó àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà lọ sí Íńdíà láti kọ́ iṣẹ́ ìfọpo. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó dúró de ọjọ́ ìṣílé kí ó tó kọ̀wé ti pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún, bí iṣẹ́ ẹnjiníà ìfọpo bá ni ó ń wá.

Iṣẹ́ ìkọ́lé àti iṣẹ́ ìṣèjáde kì í ṣe ọ̀kan náà. Nígbà ìkọ́lé, àwọn agbaṣẹ́ṣe ló ń gba ènìyàn, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìròyìn. Jóórinjóórin, awakọ̀ ẹ̀rọ agbẹ́rù àti alábòójútó ààbò gbọ́dọ̀ mọ orúkọ agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì kọ̀wé sí i. Nígbà tí ìkọ́lé bá parí, púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyẹn yóò parí pẹ̀lú rẹ̀.

Ibì kan wà tí ará ìlú ti lè rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní kùtùkùtù. Láti ọdún 1992 ni òfin Nàìjíríà ti béèrè pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ ńlá yóò ní lórí àyíká kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká máa ń kéde àbájáde àyẹ̀wò náà nínú ìwé ìròyìn, wọn a sì gbé e kalẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti kà fún ọjọ́ iṣẹ́ 21, títí kan sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ tí iṣẹ́ náà wà. Inú ìwé yìí ni a ti ń rí ibi tí wọn yóò kọ́ ilé iṣẹ́ sí, ohun tí wọn yóò máa ṣe níbẹ̀, àti bí ìkọ́lé yóò ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Díẹ̀ ni àwọn tó ń wá iṣẹ́ tó ń lọ kà á.

## Bí a ṣe ń ka ìkéde ọ́fíìsì tuntun: Microsoft ní Èkó

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ilé iṣẹ́ Microsoft kéde pé òun yóò dá ibùdó kan sílẹ̀ fún àwọn ẹnjiníà ní Áfíríkà, tí yóò ní ọ́fíìsì ní Èkó àti ní Nàìróbì. Ó ní òun yóò ná 100 mílíọ̀nù dọ́là láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Ó ní òun yóò gba ẹnjiníà 100 kí ọdún 2019 tó parí, àti pé wọn yóò di 500 nígbà tí ó bá fi máa di ọdún 2023.

Ẹni tó bá kọjá lórí ìròyìn yìí yóò sọ pé Microsoft ń gba 500 ènìyàn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò ṣe ìṣirò. Yọ 100 kúrò nínú 500, yóò ku 400. Pín 400 sí ọdún mẹ́rin, yóò jẹ́ nǹkan bí 100 lọ́dún. Pín 100 sí oṣù 12, yóò jẹ́ nǹkan bí ènìyàn mẹ́jọ lóṣù. Ìlú méjì ni wọ́n jọ ni àwọn mẹ́jọ yìí, nítorí náà bí mẹ́rin ló kan Èkó lóṣù. Ṣùgbọ́n 100 àkọ́kọ́ ni wọ́n fẹ́ gbà láàárín bí oṣù méje péré, tí í ṣe bí 14 lóṣù. Bí ètò náà bá rí bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀, oṣù méje àkọ́kọ́ ni ilẹ̀kùn ṣí jù lọ. Ìṣirò yìí kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó sì sọ ìgbà tó yẹ kí lẹ́tà lọ.

Ohun kejì tó yẹ kí a kà ni irú ènìyàn tí wọ́n dárúkọ. Ẹnjiníà ni wọ́n sọ, pàápàá àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ àti àwọn iṣẹ́ tó jọ ọ́. Olùtajà tó kọ̀wé sí ibùdó náà kò lóye ohun tó kà. Ohun kẹta ni ohun tí ìkéde kò sọ. Ibùdó tó fẹ́ gba 100 ènìyàn láàárín oṣù méje yóò kọ́kọ́ nílò àwọn tí yóò gbà wọ́n: ẹni tó mọ bí a ṣe ń ṣàyẹ̀wò ẹnjiníà, ẹni tí yóò ṣètò ọ́fíìsì, àti àwọn olórí ẹgbẹ́ tí yóò darí àwọn tí wọ́n bá gbà. Nínú ọ́fíìsì tuntun, olórí ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yàn. Bí a bá ti ka orúkọ olórí náà nínú ìròyìn, a ti mọ ẹni tó yẹ kí lẹ́tà lọ bá. Olórí tuntun ní iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́rùn, kò sì tíì ní ènìyàn lábẹ́ rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè tún ní òfin kan tó ń bí àyè iṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ mú àjèjì wá ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ìlànà ìyọ̀ǹda náà béèrè pé kí ọmọ Nàìjíríà méjì máa kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ àjèjì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè gba ipò rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ipò àwọn méjì yìí kì í sábà hàn nínú ìpolówó.

Òpin ìtàn ibùdó náà tún kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọdún márùn-ún géérégé lẹ́yìn ìkéde, ìròyìn jáde pé Microsoft ń ti ọ́fíìsì àwọn ẹnjiníà rẹ̀ ti Èkó. Ìgbà tí wọ́n sọ pé àwọn yóò ná owó náà ti pé. Ẹni tó bá ń wọ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kíyè sí ìgbà tí wọ́n dá fún owó rẹ̀, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí.

## Láti ìròyìn dé lẹ́tà: àpẹẹrẹ kan

Ká ní apòògùn òyìnbó kan wà ní Ìbàdàn tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà ní ilé ìwòsàn aládàáni. Ó kà nínú ìwé ìròyìn pé ilé iṣẹ́ kan ní Èkó tó ń pín oògùn fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ti rí owó ìdókòwò gbà, ó sì fẹ́ ṣí ilé ìkẹ́rùsí sí Ìbàdàn kí ọdún tó parí. Kò sí ìpolówó iṣẹ́ kankan.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó bi ara rẹ̀ ni pé: ta ni ilé ìkẹ́rùsí yìí kò lè ṣí láìsí? Òfin ló dáhùn. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ àwọn apòògùn ní Nàìjíríà kì í forúkọ ibi tí wọ́n ti ń pín oògùn sílẹ̀ bí kò bá sí apòògùn tó ní ìwé àṣẹ tí yóò máa bójú tó o. Nítorí náà, àyè apòògùn gbọ́dọ̀ kún kí wọ́n tó lè forúkọ sílẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ìṣílé. Awakọ̀ àti akẹ́rù lè dúró de ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Apòògùn kò lè dúró.

Ohun kejì ni àkókò. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí ní oṣù kọkànlá, wọ́n ní láti mú ìwé lọ síwájú ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì dúró de àyẹ̀wò ilé. Ẹni tí wọ́n bá gbà pàápàá ní láti fún ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ní ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ oṣù kan, tó sì lè jẹ́ oṣù mẹ́ta fún ẹni tó wà ní ipò gíga. Bí a bá kà á sẹ́yìn láti oṣù kọkànlá, wọ́n ní láti máa wá apòògùn náà ní nǹkan bí oṣù keje. Bí ìròyìn bá jáde ní oṣù karùn-ún, oṣù kẹfà ni lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé.

Ohun kẹta ni ẹni tí yóò kọ ọ́ sí. Ìròyìn náà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀gá tó ń bójú tó ìpínkiri oògùn. Òun ló ni ìṣòro tí apòògùn náà fẹ́ yanjú. Ẹ̀ka ìgbanisíṣẹ́ kò tíì gbọ́ nípa àyè náà, wọn yóò sì fi lẹ́tà rẹ̀ pamọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ti gbogbo ènìyàn pamọ́. Ó kọ lẹ́tà tó rí báyìí, ní èdè tí ilé iṣẹ́ náà fi ń ṣiṣẹ́:

> Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,
>
> Mo kà á pé ẹ fẹ́ ṣí ilé ìkẹ́rùsí oògùn sí Ìbàdàn kí ọdún yìí tó parí. Apòògùn tó ní ìwé àṣẹ ni mí, Ìbàdàn ni mo sì ń gbé. Láti ọdún mẹ́fà ni mo ti ń bójú tó ilé oògùn ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, títí kan àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìtutù. Èmi ni mo kó ìwé ìforúkọsílẹ̀ ibẹ̀ jọ nígbà tí a kó lọ sí ilé tuntun, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn alábẹ̀wò wá.
>
> Bí ẹ kò bá tíì yan ẹni tí yóò bójú tó ti Ìbàdàn, mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù kan tí mo bá ti fi iṣẹ́ mi sílẹ̀.

Lẹ́tà yìí kò béèrè pé kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá wà. Ó dárúkọ ohun tí ilé iṣẹ́ náà fẹ́ ṣe, ó fi ohun kan ṣoṣo tí òun ti ṣe rí tó bá a mu hàn, ó sì béèrè ohun kékeré tí ọ̀gá lè fọwọ́ sí láìbi ẹnikẹ́ni. Apòògùn náà kọ ọjọ́ tí ó fi í ránṣẹ́ sínú ìwé kan. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, yóò tún kọ gbólóhùn méjì ránṣẹ́. Bí ìyẹn náà kò bá mú èsì wá, yóò fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí ìròyìn mìíràn yóò fi jáde, irú bíi pé wọ́n ti gba ilé tàbí pé wọ́n ti yan máníjà. Ìròyìn tuntun fún un ní ìdí láti kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan sí i láìdà bí ẹni tó ń yọ ènìyàn lẹ́nu.

## Ibi tí a ti ń rí ìròyìn

Kò pọn dandan kí ènìyàn máa ka gbogbo ìwé ìròyìn lójoojúmọ́. Ilé iṣẹ́ 20 sí 30 tó wà nínú iṣẹ́ tí ènìyàn mọ̀ ti tó láti máa ṣọ́. Google Alerts lè máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹni nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ tí a yàn bá hàn lórí ayélujára. Ọ̀rọ̀ tí a óò tẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí àwọn oníròyìn ń lò:

```
"Ibadan" ("new warehouse" OR "new branch" OR "expansion")
```

Ìròyìn ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ sábà máa ń wúlò ju ti orílẹ̀-èdè lọ, nítorí pé ẹni tó kà á kò pọ̀. Ojú náà tún jẹ́ ibùdó ìròyìn. Pátákó tí wọ́n gbé sí iwájú ilé tí wọ́n ń tún ṣe máa ń sọ orúkọ ẹni tó gbà á àti orúkọ agbaṣẹ́ṣe.

## Ohun tó lè mú kí àmì ṣini lọ́nà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ènìyàn rò pé ilé iṣẹ́ tó rí owó yóò gba irú ẹni tí òun jẹ́. Ìtàn Andela fi èyí hàn. Èkó ni ilé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014. Ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà, ó sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ó kéde pé òun ti rí 100 mílíọ̀nù dọ́là gbà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ó dá àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dúró: bí 250 ní Nàìjíríà àti Ùgáńdà, ó sì ní ó ṣeé ṣe kí ó kan 170 mìíràn ní Kẹ́ńyà. Kì í ṣe pé owó ti tán. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ń béèrè àwọn tó ti nírìírí, tí wọn kò sì béèrè àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Owó náà ń wá ẹnjiníà tó ti gbó nínú iṣẹ́, ó sì ń ti ẹni tó jẹ́ ọ̀dọ́ síta. Nítorí èyí, ó yẹ kí a wo irú àwọn tí ilé iṣẹ́ gbà ní oṣù mẹ́ta tó kọjá, kí a tó gbà pé ìròyìn owó kan wá.

Àṣìṣe kejì ni kí a ka ayẹyẹ ìfìpìlẹ̀lélẹ̀ sí ilé iṣẹ́. Àwọn aláṣẹ lè ti fi ìpìlẹ̀ ilé kan lélẹ̀ kí owó rẹ̀ tó pé. Ohun tó fi hàn pé iṣẹ́ náà dájú ni pé agbaṣẹ́ṣe ti gba iṣẹ́, pé wọ́n ti yan olórí, tàbí pé wọ́n ti gba ìwé àṣẹ. Bí kò bá sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó yẹ kí a máa ṣọ́ ibòmíràn.

Ọ̀nà yìí kò sì bá iṣẹ́ ìjọba mu. Ìlànà ìgbanisíṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ béèrè pé kí wọ́n polówó àyè iṣẹ́, kí wọ́n sì pín in láàárín àwọn ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun ní àyè ìkọ̀kọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba, tí ó sì ń béèrè owó, jìbìtì ló ń ṣe. Bákan náà ni àwọn ọ̀daràn máa ń gun orí ìròyìn ọ́fíìsì tuntun láti ṣe ojú ewé ayédèrú, kí wọ́n sì máa gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí owó gbà kò nílò owó ẹni tó ń wá iṣẹ́. Bí wọ́n bá béèrè kọ́bọ̀ kan kí wọ́n tó ka lẹ́tà, ibẹ̀ ni kí ìwáṣẹ́ náà dúró sí.